Lẹ́tà Ṣíṣí sí Onílé Kan ní Àkúrẹ́ tó Fẹ́ Fi Àjà Méjì Kún Ilé Rẹ̀

Bàbá wa,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àmójútó iṣẹ́. Mo dúpẹ́ pé ẹ gbà kí n kọ lẹ́tà yìí ní gbangba láìdárúkọ yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé àwọn ọ̀rẹ́ yín kan nínú ìlú ní irú èrò yìí lọ́kàn, pé kí wọ́n rí i kà kí wọ́n tó ra símẹ́ńtì. Ìròyìn tó kún fún ìṣirò àti àwòrán ti wà lọ́wọ́ yín. Ohun tí ìròyìn náà ń wí ni mò ń kọ síbí, ní èdè tí gbogbo wa jọ ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn mi ṣáájú. Ilé yín tó wà ní Òkè-Àró yẹn kò lè gbé àjà méjì tí ẹ fẹ́ fi kún un. Bó ṣe wà yìí, kò lè gbé ẹyọ kan pàápàá. Kì í ṣe pé ilé náà burú. Ó ń gbé ẹrù tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ, ó sì lè máa gbé e lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ẹ bá tún nǹkan díẹ̀ ṣe tí màá sọ tó bá yá. Ẹrù tuntun tí ẹ fẹ́ gbé lé e lórí ló pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, kò sì jẹ́ díẹ̀ ló fi jù ú lọ. Mo fẹ́ kí ẹ rí bí mo ṣe mọ̀, kó má baà dà bí ẹni pé ọmọdé kan wá fi ìwé dí yín lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ẹ̀yin àti fọ́máànù yín sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún mi. Ẹ ní ilé náà ti dúró láti 1999, kò sì sán níbì kankan. Ẹ ní àwọn tó kọ́ ọ fi irin sílẹ̀ lórí pílà nítorí ọjọ́ iwájú. Ẹ tún ní ilẹ̀ Àkúrẹ́ jẹ́ ilẹ̀ àpáta, pé kò sí ohun tó ń rì níbẹ̀. N kò ní gbójú fo ọ̀kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọn ẹrù náà, torí bí a kò bá mọ bó ṣe wúwo tó, kò sí bí a ṣe lè mọ ẹni tó jàre nínú wa.

Ẹ wo pílà tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù aláṣọ àti ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì. Láti ibẹ̀ dé pílà tó tẹ̀ lé e ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ mítà mẹ́rin. Ẹrù orí ìlàjì àlàfo tó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan ló ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ti ìlàjì kejì ń lọ sọ́dọ̀ pílà kejì. Èyí túmọ̀ sí pé òun nìkan ló ń gbé dẹ́kìn tó fẹ̀ ní mítà mẹ́rin, tó sì gùn ní mítà mẹ́rin. Dẹ́kìn náà nípọn tó mílímítà 150, nítorí náà apá tó jẹ́ ti pílà yìí wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́fà. Táìsì, yanrìn àti símẹ́ńtì tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú plásítà tó wà nísàlẹ̀ dẹ́kìn, jẹ́ tọ́ọ̀nù méjì. Bíìmù àti pílà fúnra wọn sún mọ́ tọ́ọ̀nù méjì. Àwọn ènìyàn, bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì àti ẹrù ilé, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ṣe ní ká ṣírò wọn fún ilé gbígbé, jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀. Ohun tó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ògiri: búlọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́sàn-án tí wọ́n rẹ́ tinú-tẹ̀yìn, tó dúró lórí àwọn bíìmù tó ń wá bá pílà yìí, ó tó tọ́ọ̀nù mẹ́jọ. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, àjà kan ń gbé nǹkan bíi ogún tọ́ọ̀nù lé pílà kan yìí lórí.

Ẹ rí i pé ènìyàn àti ẹrù ilé kéré nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé máa ń sọ fún mi pé àwọn yóò kìlọ̀ fún ayálégbé kó má kó ẹrù púpọ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ilé fúnra rẹ̀ ló ń wúwo.

Lónìí, pílà yẹn ń gbé àjà kan àti òrùlé. Òrùlé yín jẹ́ páànù lórí pákó pẹ̀lú sílíìnì, kò ju tọ́ọ̀nù méjì lọ ní apá tirẹ̀. Ẹrù orí pílà yìí lónìí wá jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 22. Bí a bá fi àjà méjì kún un, yóò di tọ́ọ̀nù 62. Nọ́ńbà méjì yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn: 22 àti 62.

Ó wá kù ká mọ irú pílà tó fẹ́ gbé e. Ẹ rántí pé a ní kí ọmọ iṣẹ́ bó plásítà ara rẹ̀ kúrò láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ ẹ̀dá tó. Pílà náà jẹ́ mílímítà 225 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ínǹṣì mẹ́sàn-án, kó lè bá búlọ́ọ̀kù dọ́gba, kó má yọ sínú ṣọ́ọ̀bù. Irin mẹ́rin tó fẹ̀ ní mílímítà 12 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Ríìngì tó so wọ́n pọ̀ jìnnà síra ní mílímítà 300. Ìlànà tí a ń lò fún irú pílà bẹ́ẹ̀ ní kí àlàfo ríìngì má ju ìlọ́po méjìlá ìbú irin tó kéré jù lọ, ìyẹn mílímítà 144. Ríìngì ló ń di irin mú kó má tẹ̀ yọ síta nígbà tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ti yín jìnnà ju ìlọ́po méjì bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́yìn náà ni a dé ìsàlẹ̀, ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ méjì sókè láti ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mo ní kí ẹ fi ìka yín kàn án. Kọnkéré ibẹ̀ kò wọnú ara rẹ̀. Òkúta wà lọ́tọ̀, ihò wà láàárín wọn, símẹ́ńtì kò dé inú rẹ̀. Ẹ fi ìka yín yọ òkúta kan jáde láìlo irinṣẹ́, irin kan sì hàn lẹ́yìn rẹ̀ tó ti pọ́n. Ohun tó máa ń fa irú èyí ni pé wọ́n da kọnkéré láti òkè pílà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òkúta ṣáájú símẹ́ńtì dé ìsàlẹ̀, wọn kò sì gún un dáadáa kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Plásítà ti bò ó láti 1999. Ẹni tó bá wo ògiri yín láti ìta kò lè mọ̀ láéláé.

Nípa bí kọnkéré náà ṣe le tó, fọ́máànù yín kò gbà mí gbọ́, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ó ti rí ẹnìkan tó fi hámà ìdánwò, èyí tó ń ta padà bí ó bá kan kọnkéré, yẹ pílà wò, nọ́ńbà tó jáde sì dára. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa náà rí nígbà tí a kọ́kọ́ fi kan án. Ṣùgbọ́n kọnkéré tó ti pẹ́ máa ń le lójú. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta máa ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì yí ìta rẹ̀ padà. Ìta náà á le sí i, nítorí náà hámà á ta padà dáadáa, á sì fún ènìyàn ní ìròyìn rere nípa ohun tí kò kan inú. Ìdí nìyẹn tí a fi gé kọnkéré jáde ní àwọn ibi tí gígé kò ti lè ṣèpalára, nínú bíìmù ilẹ̀ àti ní etí dẹ́kìn, tí a sì fi ẹ̀rọ fọ́ ọ. Agbára tí a lè gbára lé nínú rẹ̀ jẹ́ níútìn 15 lórí mílímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Fún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, 25 la sábà máa ń kọ sínú àwòrán.

Ìyípadà ìta kọnkéré yìí tún ní ewu mìíràn. Kọnkéré tuntun máa ń dáàbò bo irin tó wà nínú rẹ̀ kó má pọ́n. Ibi tó bá ti yí padà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Omi kẹ́míkà tí a fọ́n sí ibi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ yẹn máa ń di aláwọ̀ òdòdó níbi tí ààbò ṣì wà, kì í sì yí àwọ̀ padà níbi tí kò sí mọ́. Ní pílà yín, láti ìta wọlé dé mílímítà 20 ni kò yí àwọ̀ padà. Irin yín sì bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi mílímítà 15. Ibi gbígbẹ kò tíì ní ìṣòro, torí irin nílò omi kó tó pọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo pílà tó wà lẹ́yìn balùwẹ̀ òkè lápá ọ̀tún, níbi tí páìpù ti ń jò. Irin ibẹ̀ ti pọ́n, ó ti wú, ó sì ti ti kọnkéré síta.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a fi agbára pílà àárín yìí wé ẹrù rẹ̀. Bí a bá ṣe ìṣirò, a máa ń sọ ẹrù di púpọ̀ díẹ̀, a sì máa ń sọ agbára di kékeré díẹ̀, kí àṣìṣe má baà pa ènìyàn. Ní ìlànà yẹn, pílà yín lè gbé tọ́ọ̀nù 39, bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá ní ihò. Ẹrù tòní, lẹ́yìn tí a ti fi ti ààbò kún un, jẹ́ nǹkan bíi 31. Ìdí nìyẹn tí ilé náà fi dúró, mo sì ní kí ọkàn yín balẹ̀ lórí ìyẹn. Ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé lé e, lẹ́yìn ìṣirò kan náà, jẹ́ 87.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan tí ẹnikẹ́ni lè lò láti takò mí. Bí a bá yọ gbogbo ààbò yẹn kúrò, tí a mú agbára pílà dé òpin ibi tó lè dé, ó lè tó tọ́ọ̀nù 70, ẹrù náà sì jẹ́ 62. Èyí túmọ̀ sí pé wọ́n lè kọ́ àjà méjì náà tán, kí ilé ṣì dúró, kí ẹ ṣe ìṣílé, kí fọ́máànù yín sì wá sọ fún yín pé ẹnjiníà yẹn ń dẹ́rù ba ènìyàn ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Pílà tó ní ihò ní ìsàlẹ̀, tí ríìngì rẹ̀ jìnnà síra, tí kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́jọ agbára rẹ̀ lọ tó kù sílẹ̀, lè máa gbé ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ fún oṣù mélòó kan. Nígbà tó bá yá, omi á wọ̀ ọ́, tàbí ayálégbé kan á gé ara rẹ̀ láti gba páìpù kọjá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pé ilé kò sán ti wọlé. Bíìmù àti dẹ́kìn máa ń kìlọ̀ fún ènìyàn. Wọ́n á tẹ̀ sísàlẹ̀, ilà á hàn lábẹ́ wọn, ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í há, torí pé irin inú wọn ń gùn díẹ̀díẹ̀ kó tó já. Pílà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹrù ń tẹ kọnkéré inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, nígbà tó bá sì tó àkókò, ó máa ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá bí ríìngì kò bá sún mọ́ra. Nítorí náà, pé ilé yín kò sán jẹ́ ẹ̀rí pé ẹrù tọ́ọ̀nù 22 kò tíì jù ú lọ. Kò lè jẹ́ ẹ̀rí fún tọ́ọ̀nù 62. Ẹni tó ti ń fi orí ru àpò símẹ́ńtì kan láti àárọ̀ láìṣubú kò tíì sọ fún wa pé òun lè ru mẹ́ta.

Ẹ ó rántí ilé àlejò ṣọ́ọ̀ṣì tó wó ní Ìkọ̀tún, ìpínlẹ̀ Èkó, ní 12 oṣù kẹsán 2014. Wọ́n ń fi àjà kún un lọ́wọ́ ni. Ènìyàn 116 ló bá a lọ.

Ti irin tó wà lókè kò le láti dáhùn. Mo rí wọn lórí dẹ́kìn àtẹ̀gùn yín, mo sì rí àwọn tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ páànù. Wọ́n jẹ́ mílímítà 12 kan náà, mẹ́rin-mẹ́rin, òjò ti jẹ àwọn tó wà níta débi pé bí ẹ bá fi èékánná họ wọ́n, ìpele-ìpele ni wọ́n ń bó. Kódà bí wọ́n bá jẹ́ tuntun, ẹni tó fi wọ́n sílẹ̀ ń sọ ohun tó wù ú láti ṣe lọ́jọ́ iwájú ni. Ohun tó ṣe sábẹ́ ilẹ̀ ló yẹ ká bi léèrè. Ìwé àṣẹ tí wọ́n fi kọ́lé, tí ẹ fi hàn mí, jẹ́ ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan, àwòrán ìpìlẹ̀ tó wà pẹ̀lú rẹ̀ sì jẹ́ ti alájà kan.

A lọ bi abẹ́ ilẹ̀ léèrè. A gbẹ́ ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pílà àárín náà títí a fi rí ìsàlẹ̀ béèsì rẹ̀, ní jíjìn tó ju mítà kan lọ díẹ̀. Béèsì náà jẹ́ mítà 1.2 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ó sì bá àwòrán mu. Mo yin ẹni tó kọ́ ọ fún ìyẹn, torí ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ wọn kì í bá àwòrán mu. Ẹrù pílà, pẹ̀lú béèsì fúnra rẹ̀ àti yẹ̀pẹ̀ tó wà lórí rẹ̀, jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 25 lónìí. Bí a bá pín in sórí ìbú béèsì náà, mítà onígun mẹ́rin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 17. Ìdánwò tí a ṣe lórí ilẹ̀ náà sọ pé ohun tó yẹ kó gbé kò gbọ́dọ̀ ju 18 lọ. Ẹ rí i pé kò sí àyè sílẹ̀. Ìpìlẹ̀ yín ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tó lè ṣe tán. Bí àjà méjì bá dé, mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan yóò máa gbé 45. Bó bá jẹ́ àjà kan péré, yóò máa gbé 31.

Ẹni tó bá mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí lè sọ pé a máa ń pín agbára ilẹ̀ sí mẹ́ta kí a tó lò ó, pé 18 yẹn lè lọ dé 54 kó tó já lábẹ́ ilé. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó já, yóò ti rì, kò sì ní rì dọ́gba. Béèsì kan á sọ̀kalẹ̀ ju èkejì lọ, bíìmù tó so pílà méjèèjì pọ̀ á sì gbé ohun tí wọn kò fi irin rẹ̀ sí. Pẹ̀lú ìyẹn, ilẹ̀ tí a dán wò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò rí bákan náà ní oṣù kẹsàn-án.

Èyí mú mi dé orí ọ̀rọ̀ àpáta. Lóòótọ́, àpáta pọ̀ ní Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀, ẹni tó bá ti lọ sí Ìdànrè kò nílò ẹlẹ́rìí. Àmọ́ àpáta abẹ́ ilẹ̀ wa kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ń lọ sókè sódò. Láàárín ilẹ̀ kan ṣoṣo, ó lè yọ síta níwájú, kí ó sì wà ní mítà márùn-ún tàbí mẹ́fà sísàlẹ̀ lẹ́yìn, kí ohun tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ amọ̀ àti yẹ̀pẹ̀ pupa tó jẹ́ àpáta tó ti jẹrà. Bí ilẹ̀ yín ṣe rí gan-an nìyẹn. Níwájú, lápá títì, ẹ gbẹ́ kànga, ẹ kan òkúta, ẹ sì sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ sísàlẹ̀ lọ sí odò kékeré yẹn, irin ìdánwò wa wọlẹ̀ láìfi bẹ́ẹ̀ jà. Yẹ̀pẹ̀ pupa yẹn le bí òkúta nígbà gbígbẹ, ọmọ iṣẹ́ á fi dígà lù ú títí á fi rẹ̀ ẹ́. Bí omi bá mu ún yó, a máa rọ̀. Ẹ sọ fún mi pé ní ìgbà òjò, omi máa ń sun nínú ihò sọ́kàwéè yín lẹ́yìn ilé. Omi náà ti sún mọ́ ìsàlẹ̀ béèsì yín nìyẹn. Ilé tí iwájú rẹ̀ jókòó lórí ohun líle, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jókòó lórí ohun rírọ̀, ni ilé tó máa ń rì ní ìhà kan bí ẹrù rẹ̀ bá pọ̀.

Fọ́máànù yín dá àbá kan tó bọ́gbọ́n mu, mo sì ṣírò rẹ̀. Ó ní kí a lo búlọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́fà lókè. Èyí yóò dín tọ́ọ̀nù méjì kù nínú ogún. Mo tún ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé kò ní sí búlọ́ọ̀kù rárá, pé pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a ó fi pín yàrá. Àjà kọ̀ọ̀kan á di tọ́ọ̀nù 13. Ilẹ̀ abẹ́ béèsì yóò ṣì máa gbé 35 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, níbi tó yẹ kó gbé 18. Níbi tí kò sí àyè sílẹ̀ rárá, dídín ẹrù tuntun kù kò tó.

Ǹjẹ́ a lè fún ilé náà lágbára? A lè ṣe é, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Béèsì pílà àárín yẹn ní láti di mítà 2.1 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, pílà náà á sì di mílímítà 425, nípa kíká irin tuntun àti kọnkéré tó nípọn tó mílímítà 100 yí i ká. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ. A ní láti fi òpó irin ti dẹ́kìn tó yí i ká kí a tó gbẹ́ ẹ. Béèsì kan la lè ṣí lẹ́ẹ̀kan, a kò sì gbọ́dọ̀ ṣí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí kọnkéré àkọ́kọ́ á fi le. Irin tuntun ara pílà ní láti gba inú dẹ́kìn kọjá lọ sókè. Bó bá dúró sí sílíìnì ṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n ṣe sábà ń ṣe é, ẹrù òkè kò ní rí i lò, ẹ kàn fi owó mú kí pílà sanra ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní láti kó jáde. Àwọn pílà tó wà ní ìhà fẹ́ǹsì aládùúgbò yín ló tún le jù, torí béèsì wọn kò lè fẹ̀ kọjá ààlà. A ní láti fi bíìmù abẹ́ ilẹ̀ so wọ́n mọ́ ti inú, kó má baà máa yí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kọnkéré àtijọ́ náà ló ṣì wà nínú, bíìmù àjà kìn-ín-ní náà sì ṣì nílò àyẹ̀wò tirẹ̀. Mo ti rí ilé tí irú iṣẹ́ yìí yẹ fún: èyí tí kò sí ilẹ̀ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kọnkéré rẹ̀ sì dára. Ti yín kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ní ilẹ̀ lẹ́yìn. Ìmọ̀ràn mi ni pé owó tí ẹ fẹ́ fi kọ́ àjà méjì sókè, kí ẹ fi kọ́ ilé tuntun tó dá dúró síbẹ̀. Kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, kí àlàfo wà láàárín rẹ̀ àti ilé àtijọ́ kí ọ̀kan lè rì díẹ̀ láìfa èkejì, kí béèsì tuntun má sì gun orí ti àtijọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, mo ti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó lè jẹ́ pé kọnkéré kan ṣoṣo tó tẹ́ sábẹ́ gbogbo ilé ló máa bá a mu ju béèsì kọ̀ọ̀kan lọ. Bí ẹ bá ní i lọ́kàn láti gòkè sí i lọ́jọ́ iwájú, a ó ti ka àjà tó ń bọ̀ sínú ìpìlẹ̀ àti pílà láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó sì kọ ọ́ sínú àwòrán tí ẹ máa gbé lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ètò ìlú. Ìwé àṣẹ ti 1999 kò bo ohun tuntun kankan, ì báà jẹ́ sókè tàbí sẹ́yìn.

Fún ilé tó wà nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún páìpù balùwẹ̀ òkè ṣe, kí a sì tún pílà ẹ̀yìn rẹ̀ tí irin rẹ̀ ti pọ́n ṣe. Kí a fọ ihò ìsàlẹ̀ pílà àárín mọ́, kí a fi àdàlù tó lágbára dí i pẹ̀lú òpó irin lábẹ́ dẹ́kìn nígbà iṣẹ́. Kì í ṣe plásítà ni kí wọ́n fi bò ó. Táǹkì omi tí ẹ ní ẹ fẹ́ gbé sórí dẹ́kìn àtẹ̀gùn, ẹ ṣe ibi ìdúró fún un lórí ilẹ̀. Omi lítà 5,000 jẹ́ tọ́ọ̀nù márùn-ún, ilé náà kò sì ní ibi tó fẹ́ fi í sí. Kí ẹ gba omi òjò ẹ̀yìn ilé jáde lójú gọ́tà tó jìnnà sí ìpìlẹ̀. Ẹ sọ fún oníkẹ́míìsì àti aláṣọ pé bí wọ́n bá rí ilà tó dúró lóòró lára pílà, tàbí tí plásítà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń já bọ́ láìsí ẹni tó kàn án, kí wọ́n jáde kí wọ́n tó pè yín.

Mo gbọ́ pé ẹ ti ra irin, pé káfíńtà sì ti fẹ́ wá ṣí páànù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Irin náà kò ní bàjẹ́ bí ẹ bá tò ó sórí pákó, tí ẹ sì bò ó. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á wúlò fún ilé ẹ̀yìn. Èmi náà á wá bá yín àti fọ́máànù yín jókòó pẹ̀lú ìwé ìṣirò náà. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ẹnjiníà mìíràn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, tún un yẹ̀ wò, ẹ fún un ní gbogbo èsì ìdánwò wa, inú mi á dùn sí i. N kò ní fọwọ́ sí àjà kankan lórí ilé yẹn bó ṣe wà.

Èmi ni tiyín,
Ẹnjiníà tó yẹ ilé yín wò,
Àkúrẹ́.